Àbọ̀ lórí ìrora ikùn àbúrò mi

Ìbéèrè tí mo bi yín níbí nìyí, tí ẹ sì dá mi lóhùn: "Ìrora mímúná ṣàdédé kọlu àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún 24, ní ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún. Ṣé àpẹ́ńdíìsì ni?"

Kì í ṣe òun. Ilé-ẹyin rẹ̀ ọ̀tún ni ó lọ́, nítorí kókó olómi kan tí ó mú un wúwo, ẹ̀jẹ̀ kò sì ráyè wọ ibẹ̀ dáadáa mọ́. Nọ́ọ̀sì tí ó béèrè bí ìrora náà ṣe bẹ̀rẹ̀ ni ó là mí lójú: àpẹ́ńdíìsì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní àyíká ìdodo, tí oúnjẹ kò ní wu ènìyàn jẹ, kí ó tó ṣí sí ọ̀tún láàárín ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n ojú kan ni ti àbúrò mi ti mú lójijì, ó sì ń bì.

Ẹ̀gbọ́n tí ó sọ pé taifọ́ọ̀dù ni ó ń ṣe é jàre díẹ̀, nítorí taifọ́ọ̀dù lè dá ìfun lu, àmọ́ ibà ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni ó máa ń ṣáájú rẹ̀. Òkúta kíndìnrín tí ìyá kan sọ pé ó ṣe òun, ẹ̀yìn ni ti wọn ti bẹ̀rẹ̀.

Dókítà kọ́kọ́ yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, bóyá oyún ti dúró síta ilé-ọmọ. Kò sí oyún. Síkáànù fi ilé-ẹyin tí ó wú hàn, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń ṣàn níbẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà ní ìyẹn kò fi hàn pé kò lọ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ lóru náà, wọ́n tú u, wọn kò sì yọ ọ́. Bóyá yóò tún lọ́, a kò tíì mọ̀.