Ẹ̀wà, gáàsì àti ọmọrí ìkòkò

Ìkòròdú: Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ààbọ̀ kóńgò ẹ̀wà olóyin ń jẹ gáàsì jù. Báwo lẹ ṣe ń ṣe iná tirẹ̀?

Ìyá Elẹ́wà, Ìgbógbó: Ọmọ mi, omi tó bá ti ń hó ti gbóná dé ibi tó lè gbóná dé. Bó o bá tún yí iná sókè, omi á kàn tètè gbẹ ni, ẹ̀wà ò ní tètè rọ̀. Kó tó hó nìkan ni iná ńlá wúlò. Bu omi kó bo ẹ̀wà níwọ̀n ìka méjì, fi ọmọrí dé e, má sì jẹ́ kí iná yọ kọjá ìdí ìkòkò. Iná tó ń lá ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, afẹ́fẹ́ ló ń gbóná fún.

Bó bá hó, ìfófó á gùn. Ṣí ọmọrí díẹ̀, kó o bu ìfófó yẹn dànù, torí bó bá dà sórí iná, iná lè kú kí gáàsì máa jáde láìsí ẹni tó mọ̀. Lẹ́yìn náà, yí iná wálẹ̀ gan-an, kó o dé e pa. Tẹ́tí sí i: bí ọmọrí bá ń lu ìkòkò pákápáká, iná ṣì pọ̀ jù. Bí omi bá fẹ́ gbẹ, omi gbígbóná ni kó o bù sí i. Omi tútù á dá híhó yẹn dúró, wàá sì tún fi gáàsì gbé e padà.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́: Káún ni kẹ́ ẹ fi sí i. Ìkòkò ńlá náà dára, ó ń gba iná dáadáa.

Ìyá Elẹ́wà: Òótọ́ ni ti káún, àmọ́ díẹ̀ ni o, bó bá pọ̀ adùn á bàjẹ́. Ti ìkòkò ńlá ni mi ò gbà. Ààbọ̀ kóńgò nínú ìkòkò òde àríyá á tẹ́ sílẹ̀, á sì máa jó. Èyí tí ẹ̀wà àti omi máa dé ìdajì rẹ̀ tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ló bá a mu, torí ẹ̀wà á wú.

Àgbádárìgì: Èédú lèmi ń lò. Mo dé ata ọbẹ̀ pa, síbẹ̀ kò tètè gbẹ.

Bàbá Aláwo, Ẹ̀pẹ́: Ẹ̀wà là ń sọ, àmọ́ ata tẹ́ ẹ fẹ́ kó gbẹ, ẹ má dé e. Omi tó ń fẹ́ lọ ni ọmọrí ń dá padà. Ẹ sẹ́ ata nínú asẹ́ kó tó dé orí iná, ìdajì wàhálà yẹn á lọ. Ìgbà tẹ́ ẹ bá da epo àti ẹran sí i ni kẹ́ ẹ dé e, kẹ́ ẹ sì dín ẹnu tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ sítóòfù kù. Ẹ má gbé èédú wọ yàrá, èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn ń pa ènìyàn.

Ìkòròdú: Rírẹ ẹ̀wà mọ́jú ńkọ́?

Ìyá Elẹ́wà: Ó ń dín àkókò kù lóòótọ́, àmọ́ mi ò kí í rẹ olóyin, ó ń sọ adùn nù. Ẹ̀wà tó ti pẹ́ lọ́jà ni mo ń rẹ.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́: Ìyá, ẹ dárí jì mí, èmi ò rí adùn tó sọnù. Gbogbo rẹ̀ ni mo ń rẹ.