Máàpù èrò mi lórí ibà ti fọ́n káàkiri, báwo ni kí n ṣe tò ó?

Akẹ́kọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ya máàpù èrò lórí ibà fún ìdánwò wa. Ẹ̀ka tó jáde láti àárín ti lé ní ogún: ẹ̀fọn, nẹ́ẹ̀tì, otútù, èébì, ìdènà, abẹ́rẹ́, aboyún, omi adágún... Mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Kí ni kí n gé kúrò?

Ọmọ Ìbàdàn: Ìpele mẹ́ta péré ni kó ní. Èyí tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, pa á rẹ́.

Tíṣà Bàọ́lójì: Ìpele mẹ́ta dára, àmọ́ má tíì pa nǹkan kan rẹ́. Wo "ìdènà" àti "nẹ́ẹ̀tì": ipò kan náà lo fi wọ́n sí, bẹ́ẹ̀ nẹ́ẹ̀tì wà lára ohun tí a fi ń dènà ibà. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sórí ìwé pélébé, kí o bi í pé ìbéèrè wo ló ń dáhùn. Otútù àti èébì ń sọ bí a ṣe ń rí ibà lára aláìsàn, torí náà abẹ́ "àmì" ni wọ́n ń lọ. Bí o bá ṣe bẹ́ẹ̀ tán, ìpele kìíní á ku okùnfà, bó ṣe ń ràn, àmì, àyẹ̀wò, ìtọ́jú àti ìdènà.

Ìpele kejì ni oríṣi. Ìtọ́jú á pín sí ibà tí kò le àti ibà tó le. Ìpele kẹta ni ohun tí a ń lò gan-an: oògùn oníhóró Atẹ́míta-Lumefántírìnì lábẹ́ àkọ́kọ́, abẹ́rẹ́ Atẹsunéètì lábẹ́ ìkejì. Lẹ́yìn náà, ka àwọn tó wà lábẹ́ ẹ̀ka kan pọ̀. Bí ọ̀kan bá lè wọ abẹ́ èkejì, kò sí nípò rẹ̀. Ẹ̀ka àyẹ̀wò lè kúrú ju ìtọ́jú lọ, má fi àfikún kún un torí kó lè dọ́gba.

Ìyá Ìbejì: Freeplane, ètò orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya máàpù èrò, ni kó o lò, ọmọ mi. Òun ni mo fi ń ṣètò oúnjẹ òde àríyá. Tẹ bọ́tìnì àlàfo, ẹ̀ka á ká wọlé.

Akẹ́kọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì: Ẹ ṣeun mà, ti ìwé ni wọ́n ní ká ya. Tíṣà, aboyún ńkọ́? Ó kan ìtọ́jú, ó tún kan ìdènà.

Tíṣà Bàọ́lójì: Fi oògùn SP tí aboyún ń lò sábẹ́ ìdènà, kí o fa ìlà láti ibẹ̀ lọ síbi ìtọ́jú. Má kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Aláboyún: Ẹ má bínú sà, mi ò fara mọ́ ìyẹn. Ẹ jẹ́ kó ya ẹ̀ka "àwọn tí ibà ń wu léwu jù", kí aboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 wà níbẹ̀. Bí a ṣe ń tọ́jú wọn ní wọ́ọ̀dù nìyẹn.

Tíṣà Bàọ́lójì: Ìbéèrè gidi ni ẹ̀ka yẹn ń dáhùn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n oògùn ńkọ́? Ṣé abẹ́ aboyún ló máa wà ni, àbí abẹ́ ìdènà?

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Aláboyún: Abẹ́ aboyún, sà.

Tíṣà Bàọ́lójì: Èmi ò ní gbé e kúrò ní ìdènà.