Ẹ bá mi wo bíìlì iná yìí

Ìyá Mòfẹ́: Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Fọ́tò bíìlì iná wa rèé. ₦31,140 ni wọ́n kọ sísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ fìríìjì kan àti fáànù méjì la ní. Kí ni wọ́n ń gba owó kọ̀ọ̀kan fún? Kí ni ẹ ní kí n ṣe?

Oníwáyà: Ìyá Mòfẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo àárín ìwé náà. Ohun tí mítà kà tẹ́lẹ̀ jẹ́ 4210, èyí tó kà báyìí náà 4210, síbẹ̀ wọ́n kọ 120 kWh, ìyẹn yúníìtì 120, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ka mítà yín, wọ́n fojú bù ú ni. ₦60 ni wọ́n ń ta yúníìtì kan, 120 wá di ₦7,200. VAT tó wà lábẹ́ rẹ̀, 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, jẹ́ ₦540. Owó oṣù yìí ò ju ₦7,740 lọ. ₦23,400 tó kù, gbèsè ẹ̀yìn ni, ó wà lápá òkè.

Bàbá Mọ́níyà: Owó mítà oṣooṣù náà wà nínú rẹ̀, ẹ má gbàgbé. Ẹ sì wo lẹ́tà bándì yín, òun ló ń sọ iye tí wọ́n máa ta yúníìtì.

Oníwáyà: Òótọ́ ni ti bándì, Bàbá. C ni wọ́n kọ síbẹ̀, ó yẹ kí ẹ máa rí iná fún wákàtí 12 ó kéré tán lójúmọ́. Àmọ́ wọ́n ti yọ owó oṣooṣù yẹn kúrò láti 2016, kò sì sí nínú fọ́tò yìí.

Ọmọ Bódìjà: Èmi ra káàdì ₦5,000, wọ́n yọ nǹkan bíi ₦349 kí wọ́n tó fún mi ní yúníìtì. Ṣé gbèsè nìyẹn?

Oníwáyà: Rárá, VAT ni. Mítà oníkáàdì ni tìrẹ, ti Ìyá Mòfẹ́ ni mítà tí wọ́n ń wá kà. Ìyá, ẹ lọ wo ojú mítà náà. Bí nọ́ńbà bá ń yí, ẹ yà á ní fọ́tò kí nọ́ńbà mítà hàn, kí ẹ kọ ìwé sí ọ́fíìsì wọn pé kí wọ́n fi ohun tó kà ṣe bíìlì. Bó bá ti kú, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná, ti fi gbèdéke sí iye yúníìtì tí wọ́n lè fojú bù fún ẹni tí kò ní mítà, ìlà iná kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀. Bí ọ́fíìsì ò bá dáhùn, ẹ gbé e lọ síwájú NERC, tàbí àjọ tó ń mójú tó iná ní ìpínlẹ̀ yín bó bá ti ní tirẹ̀.

Ìyá Mòfẹ́: Mo ti wò ó. Ó ń yí, 4268 ló wà níbẹ̀.

Oníwáyà: Yúníìtì 58 nìyẹn látìgbà tí wọ́n ti kà á gbẹ̀yìn. ₦3,480 ni, pẹ̀lú VAT ₦261, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦3,741. Kò tó ìdajì ohun tí wọ́n kọ fún oṣù yìí nìkan.

Ìyá Mòfẹ́: Ẹ ṣé gan-an. Àmọ́ ₦23,400 yẹn ńkọ́? Ayálégbé tó kó jáde kí a tó dé ló jẹ lára rẹ̀.

Bàbá Mọ́níyà: Lánlọ́ọ̀dù ni kó san án.

Oníwáyà: Orúkọ ta ló wà lórí bíìlì, Ìyá? Ṣé ẹ ní ìwé tó fi ọjọ́ tí ẹ kó wọlé hàn? Ẹ wá a, kí ẹ kó rìsíìtì gbogbo owó tí ẹ ti san mọ́ ọn. Ibi tí wọ́n kọ owó tí ẹ san sí nínú bíìlì yìí, òdo ló wà níbẹ̀.