Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá àwọn ahunṣọ máa lo áàpù yìí lóòótọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ṣe áàpù tí àwọn ahunṣọ òfì n'Ílọrin á máa fi kọ iṣẹ́ oníbàárà àti àsansílẹ̀ sí. N kò tíì kọ kóòdù kankan. Bí mo bá ti ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn, àdúrà ni wọ́n ń gbà: "Ó dáa gan-an, ọmọ mi." Ìyẹn ò fi hàn pé wọ́n máa lò ó. Àmọ́ nígbà tí mo bi Àlájà kan pé, "Ìyá, nígbà tí ẹ ní aáwọ̀ kẹ́yìn pẹ̀lú oníbàárà lórí ọ̀rọ̀ owó, kí lẹ ṣe?", ìwé ló fà yọ, oníbàárà ti fọwọ́ sí i. Ṣé ìwé yẹn ti tó wọn ni? Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n tún bi wọ́n kí n tó dárúkọ áàpù?