"Ìdarí ìkọjúsípápá": pápá wo?

Ọmọ Ifẹ̀ béèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ń túmọ̀ ìwé díráìfù mọ́tò tírífésì fún àwọn ọmọṣẹ́ kan ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Ọ̀nà ìdarí tó ń ya ipá ìyí sọ́tọ̀ kúrò lára òòfà, bíi ti mọ́tò dísì, ni mo pè ní "ìdarí ìkọjúsípápá". Pápá òòfà ni mo ní lọ́kàn. Ṣé ó tọ́, àbí ẹ ní èyí tó sàn jù ú lọ?

Olùkọ́ Èdè, Iléṣà:
Kò tọ́ rárá. Pápá tí èmi mọ̀ ni èyí tí iná ń jó nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, tí àṣá ń rà bàbà lókè rẹ̀. Ta ló kọjú sí i, kí ló sì ń wò níbẹ̀? Àwọn baba wa ní Ìjẹ̀ṣà kò sọ nǹkan lórúkọ báyìí. Nígbà tí wọ́n rí oníṣòwò tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, tó ní òun ò ní dìde àfi bí òun bá gbowó òun, òṣómàáló ni wọ́n pè é. Ohun tó ń ṣe ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ìwọ wo ohun tí ìdarí yìí ń ṣe, kí o sì pè é bẹ́ẹ̀.

Bàbá Riwáyà, Iléṣà:
Àbúrò, ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń di wáyà mọ́tò. Mọ́tò dísì nìkan ni ohun tí o ń wí ti ṣeé ṣe. Wáyà kan wà lára ìkòkò rẹ̀ tó ń sọ irin di òòfà, wáyà mìíràn wà lára àmáṣọ̀ tó ń yí. Bí o bá fẹ́ kó fi agbára yí sí i, o kàn fi kún iná àmáṣọ̀, òòfà ò ní mọ̀. Ọ̀gá mi, Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, a máa fọwọ́ kan ibi kábọ̀n, á ní, "Ibí ni ọgbọ́n wà." Kábọ̀n ló ń rí i pé bó ti wù kí àmáṣọ̀ yí tó, iná rẹ̀ á dábùú òòfà. Ti éésì ńkọ́? Wáyà mẹ́ta ló wọlé, kò sí èyí tí a yà sọ́tọ̀ fún òòfà. Díráìfù ò ṣe ju kó mú iná yára tàbí kó mú un falẹ̀. Kí lẹ wá fẹ́ yà?

Ìyá Oníṣẹ́ Ẹ̀rọ, Ilé-Ifẹ̀:
Bàbá, ẹ kú àtijọ́. Díráìfù tí ẹ ń sọ wà lóòótọ́, òun ló pọ̀ jù lára fáànù àti páǹpù. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí 1971 tí Blaschke ará Jẹ́mánì ti kọ̀wé lórí ọ̀nà kejì yìí, iṣẹ́ kábọ̀n tí ẹ sọ yẹn gan-an ni wọ́n ń ṣe láìsí kábọ̀n.

Iná mẹ́ta tó wọlé máa ń papọ̀ di ẹyọ kan tó ń pòòyì nínú mọ́tò. Ká ní ẹ lè jókòó sórí òòfà rótọ̀, kí ẹ máa bá a yí lọ, iná náà kò ní pòòyì mọ́ lójú yín, á dúró sójú kan. Apá rẹ̀ tó lọ síbi tí òòfà kọjú sí ló ń bọ́ òòfà. Apá tó dábùú òòfà ló ń yí rótọ̀. Bí ẹ bá tẹ ojú díráìfù, ẹ ó rí àwọn méjèèjì níbẹ̀: `id` àti `iq`. Ẹ lè fi kún `iq` kí ipá ìyí dìde lọ́gán, kí òòfà má sì mira.

Ibi tó ti le ni pé ojú kò rí òòfà yẹn. Díráìfù ń ṣírò ibi tó kọjú sí ni. Ó ń mú ìyára rótọ̀, ó ń fi iye tí òòfà fi ń yára ju rótọ̀ lọ kún un. Bí iye yẹn bá yẹ̀, ìpín náà yẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n pè mí sí ilé iṣẹ́ kan ní Iléṣà níbi tí wọ́n ti ń fẹ́ náílọ́ọ̀nù omi mímu. Láàárọ̀, náílọ́ọ̀nù ń jáde dáadáa. Tó bá di ọ̀sán, bí mo bá fà á láàárín ìka méjì, ibì kan nípọn, ibì kan fẹ́lẹ́, torí mọ́tò tó ń yí ọpá inú ẹ̀rọ náà ń sáré, ó ń fà sẹ́yìn. Wọ́n ti pààrọ̀ bẹ́ríìnì lásán. Mo bi wọ́n léèrè ìgbà tí wọ́n jẹ́ kí díráìfù ṣe ìwọ̀n mọ́tò náà, kó lè mọ iye tí yóò máa fi ṣírò. Wọ́n ní ní kùtùkùtù, nínú ọyẹ́, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí mọ́tò tutù, `iq` jẹ́ ìlọ́po méjì `id`, òòfà sì ní láti fi yíyí 2 yára ju rótọ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí rótọ̀ bá gbóná sí i ní nǹkan bí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì 75, ìdènà iná inú rẹ̀ á fi nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 pọ̀ sí i. Yíyí 2 yẹn yẹ kó di 2.6. Díráìfù ò mọ̀, ó ṣì ń fún un ní 2. Iná tó rò pé òun pín ní 2 sí 1 di nǹkan bí 1.5 sí 1 nínú mọ́tò. Lára èyí tó yẹ kó yí rótọ̀ ń lọ bọ́ òòfà nínú irin tó ti yó. Tí ẹrù bá sì yí padà, òòfà náà á mì, òòfà kì í sì í yára yí padà bíi `iq`. Ìdí tí mọ́tò fi ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ nìyẹn.

Bí mo ṣe mọ̀? Ìyára kan náà, ẹrù kan náà, ṣùgbọ́n fóòtì tí díráìfù ń fún mọ́tò lọ́sàn-án ga ju ti àárọ̀ lọ. A jẹ́ kí mọ́tò ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì, a wá wọ̀n ọ́n lọ́tun. Náílọ́ọ̀nù dọ́gba. Àmọ́ ní báyìí, wọ́n ní láti jẹ́ kó kọ́kọ́ gbóná láàárọ̀, torí ti òtútù ló kù díẹ̀ káàtó.

Nítorí náà, àbúrò, pápá kọ́ ni kókó. Pé ó ń tọ òòfà lẹ́yìn ni. Mo ní ká pè é ní "ìdarí atẹ̀lé-òòfà".

Ará Lágéré:
Ẹ jọ̀ọ́, fáànù mi kì í yí àfi tí mo bá fọwọ́ tì í. Ṣé òòfà rẹ̀ ló ti kọjú síbòmíràn?

Bàbá Riwáyà, Iléṣà:
Kapasítọ̀ ni. Kò kan ọ̀rọ̀ yìí. Pààrọ̀ ẹ̀.

Ìyá Oníṣẹ́ Ẹ̀rọ, mo gbọ́, mo sì gbà. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, "kábọ̀n ìṣirò" ni orúkọ rẹ̀. Ọmọṣẹ́ mi kan gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní, "Háà, ó yé mi."

Olùkọ́ Èdè, Iléṣà:
Kábọ̀n! Ẹ lé pápá lọ, ẹ mú kábọ̀n wọlé. "Atẹ̀lé" náà ńkọ́? Atẹ̀lé, pẹ̀lú ohùn àárín níbẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń tẹ̀ lé nǹkan ni, bí apẹja, bí adájọ́. Bí wọ́n bá wá fi àmì ìsàlẹ̀ sí i nínú ìwé, ó di àtẹ̀lé, ohun tó kàn. Ìdarí tó kàn lẹ́yìn òòfà ni wọ́n á kà á sí! Mo kọ́ni fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mo mọ ohun tí àwọn atẹ̀wé ń fi àmì ohùn ṣe.

Ìyá Oníṣẹ́ Ẹ̀rọ, Ilé-Ifẹ̀:
Ẹ̀bi atẹ̀wé nìyẹn sà. Ẹ sì má gbàgbé pé ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Jẹ́mánì fi ń pe oko ni àwọn náà lò fún pápá yìí. Kò dí wọn lọ́wọ́.

Olùkọ́ Èdè, Iléṣà:
Èdè tiwọn nìyẹn. Oko tiwa, iṣu là ń gbìn sí i.

Ọmọ Ifẹ̀:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti pa pápá rẹ́. Mo kọ "ìdarí atẹ̀lé-òòfà" sí orí ìwé, mo sì fi kábọ̀n ìṣirò ti Bàbá ṣàlàyé rẹ̀ nísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kù ni "ipá ìyí". Ọ̀rẹ́ mi kan ní "agbára ìyí" ló yẹ.

Ìyá Oníṣẹ́ Ẹ̀rọ, Ilé-Ifẹ̀:
Má yí i padà. Mọ́tò lè di ẹrù mú lókè láìyí rárá. Ipá wà níbẹ̀, agbára kankan ò tíì jáde.

Olùkọ́ Èdè, Iléṣà:
Ìyí wo? Ṣé o fi àmì òkè sí i, àbí iyì lo kọ?