Kí la fẹ́ pe ìyọ̀ǹda ẹni tí kò sọ nǹkan kan?

Ṣọlá: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń túmọ̀ ìwé pélébé kan fún àwọn Yorùbá tó ń gbé Íńgílándì. Òfin ibẹ̀ ní bí èèyàn bá kú láìjẹ́ pé ó ti kọ̀ ọ́, wọ́n lè yọ ẹ̀yà ara rẹ̀ fún aláìsàn. Ẹnìkan ní kí n pè é ní "ìyọ̀ǹda tipátipá". Ṣé ó tọ̀nà? Ṣé "ìtọrẹ" náà sì bá ẹni tó gbowó kíndìnrín rẹ̀ mu?

Bàbá Akin: "Ìdákẹ́-gbà" ni tèmi. Bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lọ ọmọge, tó dákẹ́, tó ń fọwọ́ bojú rẹ́rìn-ín, gbogbo ilé ti mọ̀ pé ó ti gbà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Bísí (nọ́ọ̀sì): Ẹ ṣé o, Bàbá, àmọ́ ọmọge yẹn gbọ́ ìbéèrè kó tó dákẹ́. Ẹni tí òfin yìí ń sọ lè má gbọ́ rárá. Wélíìsì ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá 2015. Íńgílándì tẹ̀ lé e ní ogúnjọ́ oṣù Karùn-ún 2020. Ẹ jẹ́ ká fi ọkùnrin ẹni ogójì ọdún kan láti Abẹ́òkúta ṣe àpẹẹrẹ, tí ẹ̀jẹ̀ ya sí ọpọlọ rẹ̀ ní Mánṣẹ́sítà. Bó bá jẹ́ oṣù mẹ́jọ péré ló ti ń gbé ibẹ̀, òfin ò kà á mọ́ wọn, nítorí ọdún kan ló gbọ́dọ̀ pé. Àwọn ẹbí rẹ̀ ni yóò fẹnu ara wọn yọ̀ǹda. Bó bá ti lo ọdún mẹ́ta, tí kò forúkọ sílẹ̀ pé òun ò fẹ́, òfin á kà á sí pé ó gbà.

Síbẹ̀, wọn kì í kàn ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́. Dókítà méjì tí kò bá àwọn oníṣẹ́ abẹ ìpààrọ̀ da nǹkan pọ̀ ló máa jẹ́rìí pé ọpọlọ ti kú, bí ẹ̀rọ tilẹ̀ ṣì ń mí fún un. Lẹ́yìn náà, nọ́ọ̀sì kan á wo orúkọ nínú àkọsílẹ̀, á sì jókòó ti àwọn ẹbí, á bi wọ́n léèrè ohun tí olóògbé máa ń sọ nígbà ayé rẹ̀. Bí wọ́n bá fárígá, ọ̀rọ̀ pin nìyẹn. Tipátipá dà níbẹ̀? Ẹ jẹ́ ká pè é ní "ìyọ̀ǹda àkàsí".

Ráṣídì: Ẹ dákun, ṣé bí mo bá lọ ṣiṣẹ́ abẹ ìpá ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n lè yọ kíndìnrín mi kan? Ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ọmọkùnrin kan fẹ́ ta tirẹ̀ fún wa. Ó fẹ́ tà, a fẹ́ rà. Kí ló kan ìjọba?

Bísí: Rárá o, òkú nìkan ni òfin yẹn ń bá wí. Ọlọ́run á fún ẹ̀gbọ́n yín lálàáfíà.

Táyọ̀: Ráṣídì, òfin ìlera Nàìjíríà ti 2014 lòdì sí i: kí olùtọrẹ gba owó tó ná, ìyẹn ni wọ́n gbà láyè. Àmọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó tà ló dùn mí jù. Ní 2002, àwọn oníwàádìí gbé àbájáde jáde lórí èèyàn 305 tó ta kíndìnrín ní Ṣẹ́ńnáì, ní Íńdíà. 96 nínú ọgọ́rùn-ún ló tà á nítorí gbèsè. Owó tó ń wọlé fún ẹbí wọn wá fi ìdá kan nínú mẹ́ta dínkù, ara ọ̀pọ̀ wọn ò sì le tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ṣì jẹ gbèsè. 79 nínú ọgọ́rùn-ún ní àwọn ò ní gba ẹlòmíì níyànjú pé kó ṣe é. "Ó fẹ́ tà" tí ẹ ń wí yẹn, gbèsè ló ń bá a fẹ́ ẹ.

Ọ̀rọ̀ "ìtọrẹ" náà, ẹ ṣọ́ ọ. Nínú ẹjọ́ Sẹ́nétọ̀ Ike Ekweremadu, tí wọ́n rán lọ sẹ́wọ̀n ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2023, ìbátan ni wọ́n pe ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n mú láti Èkó kí wọ́n lè yọ kíndìnrín rẹ̀ fún ọmọ Sẹ́nétọ̀ náà. Àwọn dókítà ò gbà pé ó yẹ, wọn ò sì ṣe iṣẹ́ abẹ náà.

Ráṣídì: Ká ní a ò rà á, tó fi fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, tí a wá fi owó ìdúpẹ́ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan ńkọ́?

Táyọ̀: Bí ẹ bá ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, títà ni. Bí ẹ ò bá sọ ọ́, mi ò mọ orúkọ tí mo lè pè é.

Bàbá Akin: Mo ti gbọ́ àlàyé Bísí, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná: "àkàsí" yìí, àgbà tí etí rẹ̀ wúwo á gbọ́ ọ sí "àkàsọ̀". Á rò pé wọ́n ní kí òun gorí nǹkan ni.

Ṣọlá: Mo gbọ́, sà. Màá kọ "ìyọ̀ǹda tí òfin kà síni lọ́rùn" sínú ìwé náà, kí n fi "àkàsí" sí àkòrí. Bísí, "síni lọ́rùn" ò ní dún bí ẹ̀sùn?