Mò ń kàwé, kò dúró lórí mi. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àdùkẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Mo padà sẹ́nu ìwé nígbà tí àwọn ọmọ ti dàgbà díẹ̀, ọkọ mi ò kọ́kọ́ fara mọ́ ọn, ó ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe, mo ní màá ṣe é. Ní báyìí tí mo bá ka àyọkà tán, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ ó ti fò lọ. Mo máa ń kà á lákàtúnkà o, mo sì máa ń fi bírò aláwọ̀ fa ìlà sí i títí gbogbo ojú ìwé á fi pupa. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì wa, orí fóònù ló máa ń wà, kì í ka nǹkan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, òun ló ń gba máàkì jù mí lọ! Tísà wa ní kí n máa wo bí wọ́n ṣe to ọ̀rọ̀ inú àyọkà, bóyá okùnfà àti àbájáde ni, bóyá ìfiwéra ni, bóyá ìtòtẹ̀léra ni, ó sọ ọ́ bíi pé gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Kí nìyẹn fẹ́ ṣe fún orí tó ń gbàgbé? Ṣé ẹ mọ oògùn ìrántí kankan? Ẹ má sọ pé kí n gbàdúrà, mo ti ń gbà á.

Ìyá Ìbejì:
Pẹ̀lẹ́ o àbúrò mi. Èmi náà, látìgbà tí mo ti bímọ, mo lè wọ yàrá kí n má mọ ohun tí mo wá mú. Lọ sùn dáadáa. Oorun ni.

Bọ̀ọ̀dá Lékan:
Oògùn kẹ̀? Ẹ̀yin èèyàn yìí ẹ fẹ́ràn oògùn jù. Àkàtúnkà ni, kà á títí á fi wọ̀ ọ́ lára.

Tísà Fẹ̀yìntì:
Ó ti sọ pé òun ń kà á lákàtúnkà, Lékan. Àdùkẹ́, o ò sọ ohun tó yẹ ká mọ̀. Àyọkà wo? Kí ni wọ́n bi ọ́? Kí lo kọ? Nóòtì rẹ ńkọ́, báwo lo ṣe ń kọ ọ́?

Àdùkẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́:
Ẹ ṣé ẹ̀gbọ́n Ìyá Ìbejì, oorun gan-an ò sí. Tísà, ẹ kú iṣẹ́ sà. Èyí tó dùn mí jù ni ti adágún omi kan tí ẹja inú rẹ̀ kú. Wọ́n ní ká ṣàlàyé ìdí tí ẹja fi kú. Mo kọ ọ́ pé ajílẹ̀ tó wọnú omi ló pa wọ́n. Òdo! Òdo ni wọ́n fún mi, ajílẹ̀ sì wà nínú àyọkà yẹn, mo rí i pẹ̀lú ojú mi.

Dámọ́lá:
Tísà yín ló níṣòro o. Májèlé ni ajílẹ̀, ṣé ẹja á wá mu ajílẹ̀ kó máa jó ni? Èmi náà sin ẹja nígbà kan, wọ́n kú tán láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi pé kì í ṣe nǹkan tó wọ omi ló pa wọ́n.

Tísà Fẹ̀yìntì:
Dámọ́lá, pẹ̀lẹ́ ti ẹja rẹ, àmọ́ kì í ṣe bí àyọkà yẹn ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Mo mọ irú àyọkà bẹ́ẹ̀, ó wà nínú ìwé sáyẹ́ǹsì lóríṣiríṣi. Òjò á gbá ajílẹ̀ láti oko wọ adágún. Ajílẹ̀ á bọ́ ewédò, ìyẹn nǹkan aláwọ̀ ewé tó máa ń bo ojú omi. Ewédò á pọ̀ á sì dí ìmọ́lẹ̀, àwọn ewéko tó wà nísàlẹ̀ omi ò ní rí oòrùn, wọ́n á kú. Bakitéríà á wá máa jẹ òkú ewéko àti òkú ewédò, bí wọ́n bá sì ṣe ń jẹ ẹ́ ni wọ́n ń lo ọ́síjìn inú omi. Ọ́síjìn á tán, ẹja ò ní lè mí mọ́. Àìlèmí ló pa ẹja. Ajílẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Àdùkẹ́ fo gbogbo àárín, àárín yẹn gan-an sì ni ìbéèrè ń wá.

Dámọ́lá:
Ewédò náà máa ń mú ọ́síjìn jáde, gbogbo ohun tó láwọ̀ ewé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Báwo ni ọ́síjìn ṣe wá tán?

Tísà Fẹ̀yìntì:
Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání nìyẹn. Ó ń mú un jáde tí oòrùn bá wà. Lóru òun náà ń lò ó. Tó bá wá kú, bakitéríà á bá a, èyí tí wọ́n ń lò á ju èyí tó ń wọlé lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹja fi sábà máa ń kú ní ìdájí.

Káyọ̀dé:
Ẹ má da ara yín láàmú, ó rọrùn. Wá ọ̀rọ̀ atọ́ka. Tó o bá rí "nítorí" tàbí "torí náà", okùnfà àti àbájáde ni. Tó o bá rí "lẹ́yìn náà" tàbí "nígbà tó yá", ìtòtẹ̀léra ni. Tó o bá rí "àmọ́" tàbí "yàtọ̀ sí", ìfiwéra ni. Fi bírò yí i ká, ó parí.

Àdùkẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́:
Káyọ̀dé, mo ti ṣe ìyẹn! "Lẹ́yìn náà" ló kún inú àyọkà adágún yẹn, mi ò rí "nítorí" kankan níbẹ̀. Ìyẹn ni mo fi pè é ní ìtòtẹ̀léra. Ẹ wo nóòtì mi, mo ń dà á kọ síbí:

1. Òjò rọ̀
2. Ajílẹ̀ wọ omi
3. Ewédò pọ̀
4. Kò sí ìmọ́lẹ̀
5. Ewéko kú
6. Bakitéríà
7. Ọ́síjìn
8. Ẹja kú

Bí mo ṣe ń kọ gbogbo nóòtì mi nìyẹn, àyọkà yòówù kó jẹ́. Nọ́ńbà ni mo máa ń fi sí i láti kékeré, wọ́n máa ń yìn mí fún un pàápàá. Nóòtì mi mọ́ ju ti gbogbo kíláàsì lọ.

Tísà Fẹ̀yìntì:
Àháà. Ọ̀rọ̀ dé ojú ẹ̀ wàyí. Orí rẹ ò ṣe nǹkan kan, nóòtì yìí ló já okùn ọ̀rọ̀. Wo nọ́ńbà 6 àti 7. "Bakitéríà". "Ọ́síjìn". Kí ni bakitéríà ṣe? Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọ́síjìn? Nínú nóòtì rẹ, ohun kan ṣoṣo tó so 6 mọ́ 7 ni pé 7 ló tẹ̀ lé 6. Tí 6 bá bọ́ lórí rẹ, kò sí ohun tó máa pè é padà, torí 5 kì í bèèrè 6, 7 náà kì í bèèrè rẹ̀.

Tó bá jẹ́ bí okùnfà lo ṣe tò ó, o lè bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ẹja kú. Kí ló pa á? Kò rí ọ́síjìn. Ta ló lo ọ́síjìn? Bakitéríà. Kí ni wọ́n ń jẹ tí wọ́n fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Òkú ewéko. Kí ló pa ewéko? Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ló ń fa ìdáhùn tirẹ̀ wá.

Ti ọ̀rọ̀ atọ́ka, Káyọ̀dé, ó wúlò àmọ́ ó máa ń tan èèyàn. Ohun tí okùnfà bá ṣe gbọ́dọ̀ wá lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn ni òǹkọ̀wé fi lè lo "lẹ́yìn náà" láìsọ "nítorí" rárá. Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn ọmọ mi ṣe ni kí wọ́n yọ ìgbésẹ̀ kan kúrò, kí wọ́n bi ara wọn pé, ṣé èyí tó kàn ṣì lè ṣẹlẹ̀? Yọ bakitéríà kúrò, ọ́síjìn ò ní tán bẹ́ẹ̀. Okùnfà nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí ìwé bá ní wọ́n kọ́kọ́ wọn gígùn adágún, lẹ́yìn náà wọ́n wọn jíjìn rẹ̀, yọ àkọ́kọ́ kúrò, èkejì ṣì lè wáyé. Ìtòtẹ̀léra lásán nìyẹn.

Bọ̀ọ̀dá Lékan:
Gbogbo àlàyé yìí, tó bá kà á dáadáa ṣáá ni.

Ìyá Ìbejì:
Lékan, jọ̀ọ́.

Àdùkẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́:
Mi ò gbà pé nóòtì mi ló burú sà, ọmọbìnrin yẹn kì í tiẹ̀ kọ nóòtì. Àmọ́ ẹ bá mi wo èyí: iṣan àlọ àti iṣan àbọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Mo kọ ti àlọ látòkèdélẹ̀, 1 sí 5, mo wá kọ ti àbọ̀ sí ojú ìwé kejì, 1 sí 5. Nínú ìdánwò mo pa méjèèjì pọ̀.

Káyọ̀dé:
Ìyẹn ò le. Iṣan àlọ ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ tó ní ọ́síjìn, iṣan àbọ̀ ló ń gbé èyí tí kò ní. Tó o bá ti mọ èyí, o ti mọ̀ ọ́n tán.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Ó kù díẹ̀ káàtó, Káyọ̀dé. Iṣan àlọ tó ń ti inú ọkàn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn ti dín nínú rẹ̀ ló ń gbé. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń lọ ni kó o fi wọ̀n wọ́n: àlọ ń gbé e kúrò nínú ọkàn, àbọ̀ ń dá a padà síbẹ̀. Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ má fi wọ́n sí ojú ìwé méjì. Ìfiwéra ò ṣeé rí tí ẹ bá ní láti ṣíwèé kẹ́ ẹ tó rí èkejì. Ẹ mú ohun kan, kẹ́ ẹ bi àwọn méjèèjì léèrè. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Ti àlọ ga, ti àbọ̀ lọ sílẹ̀. Ara iṣan ńkọ́? Ti àlọ nípọn, ti àbọ̀ fẹ́lẹ́. Kí ló ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró kó má padà sẹ́yìn? Àbọ̀ ní àwọn ìlẹ̀kùn kéékèèké, pàápàá ní ẹsẹ̀, àlọ ò ní wọn lójú ọ̀nà rẹ̀. Ẹ sì ṣàkíyèsí pé okùnfà wà nínú ìfiwéra náà: ìfúnpá gíga ló jẹ́ kí ara àlọ nípọn, ìfúnpá tó lọ sílẹ̀ ló jẹ́ kí àbọ̀ nílò ìlẹ̀kùn. Tẹ́ ẹ bá rántí ìfúnpá, méjì yòókù á tẹ̀ lé e.

Dámọ́lá:
Ṣé ẹnikẹ́ni ti dán an wò ṣá, àbí ọ̀rọ̀ àwọn tísà ni?

Tísà Fẹ̀yìntì:
Wọ́n dán an wò. Olùṣèwádìí kan nípa ìwé kíkà, Bonnie Meyer, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ kan jáde ní 1980 lórí àwọn ọmọ kíláàsì 9. Àwọn tó kọ ohun tí wọ́n rántí bí òǹkọ̀wé ṣe tò ó rántí ju àwọn tó kàn kó o jọ bí àkójọ lọ, kódà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Àmọ́ mi ò ní purọ́, kì í gba gbogbo nǹkan là. Kókó ọ̀rọ̀ ló ń ràn lọ́wọ́ jù. Orúkọ èèyàn àti ọdún tí kò so mọ́ nǹkan kan, wàá ṣì ní láti há a sórí.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Èmi, kí n tó kà á rárá ni mo máa ń wo àkòrí kí n sì dá a mọ̀ pé ìfiwéra ni.

Tísà Fẹ̀yìntì:
Mi ò fara mọ́ ìyẹn. Àkòrí lè sọ nǹkan kan kí ìpínrọ̀ kejì yí padà. Kà á tán ná.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Sà, mo máa ń yí i padà tó bá yẹ. Ó sàn ju kí n wọlé lọ́wọ́ òfìfo.

Àdùkẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́:
Ẹ dákẹ́ ìjà ná. Mo pa ìwé dé, mo kọ adágún láti ẹ̀yìn láìwò: ẹja kú torí kò rí ọ́síjìn, ọ́síjìn tán torí bakitéríà ń lò ó, bakitéríà pọ̀ torí òkú ewéko wà nílẹ̀, ewéko kú torí ajílẹ̀.

Tísà Fẹ̀yìntì:
Ó dára gan-an, àfi ìkẹyìn. Kì í ṣe ajílẹ̀ fúnra rẹ̀ ló pa ewéko níbí, oúnjẹ ló jẹ́ fún un. Kí ni ewéko ìsàlẹ̀ ò rí?

Àdùkẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́:
Áà, ìmọ́lẹ̀! Ewédò ló dí i. Mo ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí n lọ tún ti iṣan yẹn kọ.

Dámọ́lá:
Èmi ṣì ń sọ pé májèlé ló pa ẹja tèmi o.